Lẹ́tà Kan Tó Lé

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Avgusta Pavlovna ti ń kọ ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà sísàlẹ̀ fíìmù Gẹ̀ẹ́sì ní Petersburg. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, opó inú fíìmù kan sọ fún adájọ́ pé, "Ọlọ́pàá ló pa á, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni gbólóhùn náà máa fi wà lójú. Lẹ́tà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, àlàfo àti àmì pẹ̀lú, ni òǹwòran lè fi ìrọ̀rùn kà láàárín ìyẹn. Tirẹ̀ lédè Rọ́ṣíà jẹ́ márùndínlógójì.

"Ẹ yọ ọlọ́pàá," ni Gleb, ọ̀gá rẹ̀ tí kò tó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí, wí. "Ẹ kọ 'Wọ́n pa á.' Ó parí."

"'Bẹ́ẹ̀' ni màá kúkú yọ. Ó ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kà á wò."

Gleb ò kà á. "Màmá, ta ló ń sọ ti lẹ́tà? Orúkọ yín ló máa jáde níparí fíìmù, ìjọba á sì rí i."

"Orúkọ mi ò gùn, ibẹ̀ á gbà á." Ó fọwọ́ ṣàmì àgbélébùú sáyà, ó sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́.

Gleb ò rẹ́rìn-ín. Ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó wá bi í bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń gbé nílùú.