Kúlà Tí Mo Dá Padà Lófìfo

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kúlà aláwọ̀ búlúù kan fi wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná mi ní Agbówó. Ọ̀rẹ́ mi ló ni ín. Ẹ̀fọ́ rírò ló gbé wá nínú rẹ̀ ní Sátidé tó wá kí mi. Mo ti jẹ ẹ̀fọ́ náà tán, mo ti fọ kúlà náà, mo ti sá a gbẹ. Ohun tó kù ni kí n wá nǹkan fi sí i, kí n sì gbé e lọ sí Àpáta níbi tó ń gbé. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa méjèèjì dàgbà ní apá Èkìtì, a kì í dá abọ́ oúnjẹ padà lófìfo. Ẹni tó bá dá a padà lófìfo, ìjà ló fi ránṣẹ́.

Ọdún mẹ́rin ni kúlà náà ti ń lọ tó ń bọ̀ báyẹn. Èmi á fi ìrẹsì sí i, òun á fi mọ́ínmọ́ín dá a padà. Ẹni tí kúlà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló jẹ gbèsè àbẹ̀wò. Nígbà tó yá, mo rí i pé kúlà yẹn nìkan ló ń gbé wa lọ sọ́dọ̀ ara wa.

Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan náà la mú ọmọ wa wọ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Bódìjà, ọmọbìnrin tèmi àti ọmọkùnrin tirẹ̀. Títì ọlọ́kọ̀ ló wà níwájú ilé-ìwé náà. Èmi sì rèé, tí ọmọ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́, ọkàn mi á ti wá a dé ọ̀nà mẹ́ta. Fáìlì ni mò ń tọ́jú ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Aago mẹ́rin la máa ń ṣíwọ́, aago kan ààbọ̀ sì ni àwọn ọmọ máa ń jáde. Òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Nígbà tó rí mi tí mo dúró sí ẹnu géètì ní ọjọ́ kẹta, tí mi ò lè lọ síbi iṣẹ́, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa mú tiyín mọ́ tèmi. Ṣé Ọlọ́run ò fún mi ní ọwọ́ méjì ni?”

Ilé-ìwé ní káàdì kan tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó lè wá mú ọmọ sí. Mo kọ tèmi àti ti bàbá rẹ̀, mo wá kọ ti obìnrin yìí sísàlẹ̀, ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò tíì fi ọwọ́ ara mi kọ ohun tó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó di ọ̀rẹ́ mi. A fi “ẹ” sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wa ní “o”. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé nígbà náà, kò jìnnà sí ilé wa ní Agbówó. Aago márùn-ún ni mo máa ń yà mú ọmọ mi, mi ò sì ń kúrò níbẹ̀ títí aago méje, nítorí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu wa. Èmi ni mò ń tọ́jú àwọn ọmọ méjèèjì ní Sátidé, kí òun náà lè sinmi.

Lọ́jọ́ tí àwọn ènìyàn ń sun táyà lójú títì, tí kò sí ọkọ̀ kankan, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Dùgbẹ̀ dé Agbówó. Mo ṣe oríṣiríṣi ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run lọ́nà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ mi ń sùn lórí ibùsùn rẹ̀, ìrẹsì gbẹ sí i létí ẹnu. Ọ̀rẹ́ mi wo bàtà mi tó ti já, ó ní, “Ìwọ náà jókòó, kí n bu tìẹ wá.”

Àwọn ọmọ parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tirẹ̀ lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ń gbé, tèmi ń ti ilé lọ. Ọkọ rẹ̀ kọ́lé sí Àpáta, wọ́n kó lọ. A fẹnu kò pé a ó máa rí ara wa ní Sátidé kejì nínú oṣù. Àmọ́ nígbà tí a bá ti béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ ara wa, ọ̀rọ̀ tán. A ó máa wo tẹlifíṣọ̀n. Bí iná bá lọ, a ó máa wo ara tẹlifíṣọ̀n náà. “Ẹ” tí a ti fi sílẹ̀ tún padà sáàárín wa. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ mú un padà.

Sátidé kan, ní oṣù tó ṣáájú ti ẹ̀fọ́ rírò yẹn, mo dé ẹnu ọ̀nà wọn, mo na ọwọ́ láti kan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Màmá Agbówó ló ń bọ̀ lónìí.” Ó wá mí kanlẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ní, “Ṣé o ò lè sọ fún wọn pé ó rẹ̀ ọ́ ni?”

“Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní mò ń bínú. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre.”

Mi ò bínú. Mo mọ èémí yẹn. Bí èmi náà ṣe máa ń mí nìyẹn tó bá ku ọjọ́ kan kó dé. Mo ka oókan dé ọgbọ̀n, kó má baà mọ̀ pé mo gbọ́, kí n tó kan ilẹ̀kùn. Ó fi ẹ̀rín ṣílẹ̀kùn, èmi náà fi ẹ̀rín wọlé. Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ padà sí Dùgbẹ̀, mo rò ó pé àwa méjèèjì ń bẹ̀rù láti ṣẹ ara wa, ìbẹ̀rù yẹn á sì jẹ èyí tó dára run bí a bá jẹ́ kó pẹ́ sí i. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kó sì sọ ọ́ dáadáa.

Ìwé mẹ́rin ni mo kọ. Nínú èkíní, mo ní ọkọ̀ ló ṣòro, nítorí epo bẹntiróòlù wọ́n nígbà náà. Mo fà á ya, torí epo máa padà wá, irọ́ mi á sì tú. Nínú èkejì, mo kọ ọ́ pé kó dárí jì mí. Àmọ́ bí mo bá tọrọ ìdáríjì, á máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta gùn jù, bí ìgbà tí ènìyàn ń rojọ́. Èyí ẹ̀kẹrin ni mo dà kọ:

“Ọ̀rẹ́ mi, kò sí ìjà nínú lẹ́tà yìí. O ò ṣẹ̀ mí, mi ò sì rò pé mo ṣẹ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ló pa wá pọ̀, wọ́n sì ti dàgbà. Mo mọ̀ pé ó ń rẹ̀ ọ́ tí mo bá ń bọ̀, ó ń rẹ èmi náà. Mi ò fẹ́ kí ohun tó dára tó báyìí di ẹrù sí wa lọ́rùn. Mo dá Sátidé rẹ padà fún ọ. Mi ò ní máa wá mọ́, ìwọ náà má yọ ara rẹ lẹ́nu. Mi ò ní gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n ń sun táyà. Ọmọ mi jẹ ìrẹsì rẹ, ó sùn, ó sì jí láìmọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílùú. Mi ò lè san án, mi ò sì fẹ́ máa fi kúlà san án. Bí a bá pàdé lọ́nà, ká kí ara wa tayọ̀tayọ̀. Má fèsì, àfi tó bá wù ọ́.”

Ó wá ku kúlà. Bí mo bá fi oúnjẹ sí i, ó gbọ́dọ̀ dá oúnjẹ padà, a ò sì tíì parí nǹkan kan nìyẹn. Mo fi lẹ́tà sínú rẹ̀ lófìfo, mo dé e. Mo gbé e fún Ìyá Ìjọ wa, àgbàlagbà kan tó ń gbé ní Àpáta, tó mọ àwa méjèèjì láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Ìyá Ìjọ gbé kúlà náà wò lọ́wọ́. Ó fúyẹ́. Wọn ò jẹ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n ránṣẹ́ pè wá, àwa méjèèjì, sí pálọ̀ wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Kúlà wà lórí tábìlì láàárín wa.

Wọ́n ní, “Ta ló ṣẹ ẹnì kejì?”

Mo ní, “Kò sẹ́ni tó ṣẹni, mà.”

“Ẹni tí kò ṣẹ̀ ọ́ lo dá kúlà òfìfo padà fún?”

“Lẹ́tà wà nínú rẹ̀, mà.”

“Ṣé lẹ́tà ni wọ́n máa fi jẹ iyán?”

Ọ̀rẹ́ mi wo kúlà, ó wò mí. Mi ò lè ka ojú rẹ̀. Ìyá Ìjọ ní a ò ní dìde níbẹ̀ títí ẹnì kan fi máa jẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ó dáa, mà. Èmi ni mo ṣẹ̀. Ibà mú wọn, mi ò lọ kí wọn.”

Ibà ò mú mi lọ́dún yẹn rárá. Ojú tì mí pé òun nìkan ló ń gbé ẹ̀bi. Mo ní, “Èmi náà ṣẹ̀, mà. Mo sọ níbì kan pé ẹ̀fọ́ wọn níyọ̀ jù.”

Ọ̀rẹ́ mi yí sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé lóòótọ́ lẹ sọ bẹ́ẹ̀?”

“Rárá o.”

Ìyá Ìjọ ní, “Ẹ wò ó bí òótọ́ ṣe ń jáde díẹ̀díẹ̀.” Wọ́n gbàdúrà lé wa lórí, wọ́n ní kí a mu omi nínú ife kan náà. A mu ún. Wọ́n ní ó parí, wọ́n sì gbé kúlà lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí a dé ìta, tí a ti rìn kọjá fèrèsé wọn, ẹ̀rín pa wá. A fi ọwọ́ di ògiri mú. Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ibà wo ló mú ọ ná?” “O” ló pè mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lẹ́tà náà sílẹ̀ nínú kúlà, kí n sì gbé gbogbo rẹ̀ padà sílé. Àmọ́ ẹ̀rín yẹn rọlẹ̀, a rìn dé ìdí ọkọ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún rí sọ. Ọkọ̀ méjì kọjá. Mo ṣí kúlà, mo fún un ní lẹ́tà.

Ó kà á lórí ìdúró. Mo rí i tó padà sí ibì kan nínú rẹ̀, tó tún un kà. Ó ká a sí mẹ́rin.

Ó ní, “Mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀rù ló ń bà mí.”

“Èmi náà.”

Ó gba kúlà lọ́wọ́ mi lófìfo, ó gbé e sábẹ́ apá. Ó ní, “Káàdì ọmọ. Orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀?”

Mo ní ó ṣì wà níbẹ̀, pé ilé-ìwé girama rẹ̀ náà béèrè, mi ò sì rí ẹlòmíràn kọ.

“Má pa á rẹ́. Wọn ìbáà pè mí lóru, màá wá.”

Ọkọ̀ Dùgbẹ̀ dé, mo wọlé. Mo wẹ̀yìn, ó ti ń lọ, kò sáré, kúlà lábẹ́ apá rẹ̀.

Sátidé kejì oṣù tó tẹ̀ lé e, mo jí, mo wẹ̀, mo wọṣọ, kí n tó rántí pé kò síbi tí mò ń lọ. Ọmọ mi ti lọ sí ẹ̀kọ́ àfikún. Mo jókòó sí ilé ìdáná. Ibi tí kúlà máa ń wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ. Mi ò kábàámọ̀ lẹ́tà náà, síbẹ̀ n kò rí ẹni tí mo lè bá sọ pé mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Lọ́dọọdún, títí ọmọ mi fi parí ilé-ìwé, mo ń kọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi sórí káàdì náà, sí ìlà kẹta, pẹ̀lú àdírẹ́sì Àpáta. Ènìyàn tó máa ń yẹ nǹkan wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mí, àmọ́ mi ò lọ yẹ̀ ẹ́ wò rí bóyá wọ́n ṣì ń gbé níbẹ̀. Ilé-ìwé ò pè é rí.