Ìlù Tó Bá Ẹ̀ṣẹ́ Orville Mu

Ọdún méjìdínlógún ni Rhonda Haugen ti fi ń to fídíò ìpolówó fún àwọn oníṣòwò ìlú Duluth, síbẹ̀ kò sí èyí tó dẹ́rù bà á tó ti ọjọ́ yìí. Bàbá rẹ̀, Orville, ló wà nínú rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí àìsàn ti ń mú ọwọ́ bàbá náà gbọ̀n, láti ìgbà náà ni kò sì ti gbà kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò òun. Ilé eré ìmárale tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Marcy ni nìkan ló ń lọ, níbi tí àwọn tó ní irú àìsàn yìí ti ń kan àpò tí wọ́n so rọ̀ lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Orville gbà kí wọ́n fi òun polówó kíláàsì ẹ̀ṣẹ́ náà, àmọ́ òun ni yóò kọ́kọ́ wò ó.

"Bẹ́ ẹ bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ pa á rẹ́."

Marcy ní tiẹ̀ ń fẹ́ iná. "Rhonda, orin gbígbóná ni o! Èyí tó máa gbé èèyàn fò lórí àga!"

Rhonda gbọ́ràn. Ó mú orin tí ìlù rẹ̀ ń dún ní ogóje ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ó sì lẹ ìró ẹ̀ṣẹ́ kan tó ń dún bí ẹni já ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ́ bàbá rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó wò ó. Marcy pàtẹ́wọ́. Orville yíjú sí Rhonda.

"Ṣé bí mo ṣe ń falẹ̀ tó nìyẹn?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ìlù ti kọjá kọ́wọ́ mi tó dé. Ta ló tún ni ẹ̀ṣẹ́ tó ń dún yẹn? Kì í ṣe tèmi." Ó dìde.

Ojú ti Rhonda: ọwọ́ òun gan-an ló fi bàbá òun ṣẹ̀sín.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fún mi ní wákàtí kan."

"Ìdajì."

"Má sọ ọ́ di orin òkú o," ni Marcy sọ lábẹ́lẹ̀.

Rhonda pa orin, ó wo aago, ó ka ẹ̀ṣẹ́. Mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ó wá orin tí ìlù rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan, kí ìlù méjì lè máa dún fún ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yẹ̀, ó gé àwòrán rẹ̀ díẹ̀ títí ó fi bọ́ sí i. Ó yọ ìró ẹ̀ṣẹ́ tó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn náà, ó sì gbé ìró tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ gbà sókè. Ṣáájú ẹ̀ṣẹ́ ìkẹyìn, ó pa orin pátápátá.

Wọ́n tún wò ó. Bàbá náà kò pẹ́, kò sì yá jù. Ńṣe ló dà bíi pé òun àti ìlù jọ ń rìn. Lẹ́yìn náà, orin dákẹ́. Èémí Orville nìkan. Pà!

Marcy ò pàtẹ́wọ́. Rhonda ò lè wo ojú bàbá rẹ̀.

"Jẹ́ kí n tún un gbọ́," ni bàbá rẹ̀ wí.

Lẹ́ẹ̀kejì, Orville di ojú rẹ̀, ó kàn ń gbọ́.

"Èmi nìyẹn," ló wí. "Jẹ́ kí wọ́n rí mi."