Òjìji Ẹnìkan Lórí Òrùlé

Abọ́sẹ̀dé kì í ṣe ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń ya àwòrán ilé tí wọn kò tíì kọ́, ní ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá ní Independence Layout ní Enugu, kò sì bẹ oníbàárà kankan rí pé kó gba iṣẹ́ òun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Dókítà Edith dá àwòrán kílíníìkì tó fẹ́ kọ́ sí Ugwuaji padà, Abọ́sẹ̀dé bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan péré.

Nítorí ọkọ rẹ̀ ló ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ikechukwu, ọmọ Awkunanaw, mọ iṣẹ́ táńkì omi àti sólà dunjú, àmọ́ iṣẹ́ ò sí ní Enugu nígbà náà, ló bá wá a lọ sí Kánò. Ọdún méjì rèé. Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá sì ti ṣèlérí pé bí dókítà bá fara mọ́ sólà àti táńkì lórí òrùlé yẹn, Ikechukwu lòun máa pè. Bí kò bá fara mọ́ ọn, á jẹ́ pé Kánò lọkọ ṣì máa wà.

Ká sòótọ́, dókítà ò jẹ̀bi. Abọ́sẹ̀dé ló kánjú. Inú ìwé àwọn tó ń ta ọjà ló ti gé àwòrán táńkì àti sólà, tó fi góòmù lẹ̀ wọ́n mọ́ òrùlé. Apá òsì ni oòrùn ti ń ran ilé, apá ọ̀tún ló ti ń ran táńkì. Òkè lèèyàn ti ń wo ilé, ìsàlẹ̀ ló ti ń wo táńkì. Dókítà ní ó dà bí ẹrù tí atẹ́gùn gbé wá, pé atẹ́gùn náà ló sì máa gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Abọ́sẹ̀dé gba ilé iṣẹ́ tẹlifóònù lọ, ó tò títí wọ́n fi bá a pe Kánò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún un. Láti ilé ló ti to ohun tó máa sọ: pé ilé ṣófo, pé òun ṣì máa ń bu oúnjẹ ẹni mẹ́ta bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti Ngozi, ọmọ wọn, nìkan ló kù, pé àárò rẹ̀ fẹ́ẹ̀ pa òun. Nígbà tó wá gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, kí ni obìnrin yìí bi í? Ó bi í pé kí ló máa ń wà lábẹ́ táńkì.

Ikechukwu ò bínú. Ó ní táńkì kì í jókòó sórí páànù. Orí kọnkéré ló ń wà, lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kí ògiri lè gbà á dúró. Páìpù kan á gbómi wọlé, ọ̀kan á gbé e lọ sísàlẹ̀, ọ̀kan á wà nítòsí ọrùn rẹ̀ fún omi tó bá kún jù. Sólà ní tirẹ̀, kó kọjú sí gúúsù, kí irin tó gbé e wọ inú páànù dé ara igi òrùlé, kí ó sì ga sí páànù díẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Kí òjìji táńkì má sì ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí yóò dín agbára rẹ̀ kù.

“Bose,” ó ní, “I dey...”

Ìlà já. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi parí rẹ̀ kù sí Kánò.

Abọ́sẹ̀dé tún ilé náà yà látìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé táńkì sí orí kọnkéré lápá ọ̀tún, sólà sí apá òsì níbi tí òjìji ò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tí ìlà ògiri ń lọ ni ìlà irin táńkì náà ń lọ, ó sì ya páìpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn. Ó kun ojú sólà kí ó mú díẹ̀ nínú àwọ̀ ojú ọ̀run, ó sì fi òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀ lórí páànù. Òjìji táńkì dé etí kọnkéré, ó sì ṣẹ́ wálẹ̀ sára ògiri. Ó wá ya ọkùnrin kan àti òjìji rẹ̀ sí ẹsẹ̀ táńkì, kí èèyàn lè mọ bó ṣe ga tó. Èjìká òsì ọkùnrin náà rẹlẹ̀ díẹ̀, bíi ti ẹnì kan tó mọ̀. Ó pẹ́ lórí èjìká yẹn ju bó ṣe pẹ́ lórí gbogbo sólà lọ.

Dókítà Edith wò ó, ó fi ìka tọ ọ̀kan nínú àwọn páìpù náà láti orí dé ìsàlẹ̀. Ó ní àfi bí ẹni pé wọ́n ti gbé e síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbà. Àmọ́ ó ní kí wọ́n bá òun yọ ọkùnrin yẹn kúrò, òrùlé lòun fẹ́ máa wò. Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá yára bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tó máa lọ sí Kánò.

Abọ́sẹ̀dé mú bíléèdì, ó rọra ha ọkọ rẹ̀ kúrò lórí páálí. Ó dùn ún, kò sì fi bò.

Ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ síwájú wo páálí náà. “Òjìji rẹ̀ ṣì kù o, ìyàwó. Ha á kúrò.”

“Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, sà,” Abọ́sẹ̀dé fèsì. “Ẹni tó ni ín ń bọ̀.”