A Ò Tíì Kí Wọn Tán

"Ẹ má tíì fi ránṣẹ́ o. A ò tíì kí wọn tán."

Ohùn ọkọ mi tí mo gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn. Mo ń jáde lọ yí kòkó tí mo sá sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa ní Òde-Ìdànrè. Òun jókòó sí pálọ̀, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà Túnráyọ̀ ọmọ wa. Mo ní, "Bàbá Túnráyọ̀, ẹni tí ẹ ń kí láti Ọjọ́ Ajé yìí, ṣé ó létí ni?" Ó tún tẹ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti gbé orí lé apá lórí tábìlì. Mo rò pé oorun ni.

Olúlékè Fọláyan lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá Ai-Haf-Di-Ọ́nà ni Ìdànrè sọ ọ́, torí bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lédè òyìnbó, pé iyì ló jẹ́ fún òun láti kọ̀wé. Ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá ni mo fẹ́ ẹ. Ó ní tàípù kan nígbà náà, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù ló ń gbé e sí. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe tíṣà, tó fẹ́ ṣe mẹ́sẹ́ńjà, tó fẹ́ máa ṣí géètì fún ìjọba, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Àwọn ará Atosin ń fẹsẹ̀ rìn wá.

Mo ka ìwé mẹ́rin péré, ṣùgbọ́n mo mọ lẹ́tà rẹ̀ sórí bí orin ṣọ́ọ̀ṣì. A ó kọ́kọ́ pe ọ̀gá ní Sà. A ó sọ iyì tó jẹ́ fún wa. A ó wá tọrọ. Nísàlẹ̀, a ó to àwọn ìwé tí a fi sínú rẹ̀, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, kí a tó pe ara wa ní ìránṣẹ́ wọn tó ń gbọ́ràn. Ó máa ń sọ pé, "Ìwé tí kò ní nọ́ńbà, tó bá sọnù ní ọ́fíìsì, ta ni yóò mọ̀? Èyí tó ní nọ́ńbà, ẹni tó jí i yóò mọ̀ pé a mọ̀."

Ìdajì àwọn tó ń gbowó oṣù ní ìlú yìí, ìka rẹ̀ ló tì wọ́n wọlé. Òun fúnra rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ìjọba rí. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan. Ó ní òun ò rí ẹni tó mọ lẹ́tà kọ tí yóò bá òun kọ tòun.

Nígbà tí ayé di ti kọ̀ǹpútà, tàípù di ohun tí adìyẹ ń yé ẹyin sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ mi kò kú mọ́ ọn. Ó lọ jókòó ti Olúbáyọ̀ tó ni kafé ní Aládé títí ó fi mọ ímeèlì í kọ. Ó ní, "Lẹ́tà tó gun ọ̀kadà náà ni. Ọ̀kadà kò ní kí èèyàn má kúnlẹ̀ bó bá sọ̀ kalẹ̀."

Ìgbà yẹn ni ìwé ìkéde jáde pé ilé ìwòsàn ìjọba kan ń wá akọ̀wé tí yóò máa tọ́jú fáìlì aláìsàn. Túnráyọ̀ ti gba OND, ọdún rẹ̀ ń gorí ọdún, káàdì ìpè ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà wa. Iṣẹ́ yìí bá a mu bí ẹ̀wù tí a wọ̀n. Ìkéde náà kò ṣòro: ímeèlì kan ṣoṣo; orúkọ iṣẹ́ ni kí a fi ṣe àkọlé; kí a so gbogbo ìwé ẹ̀rí mọ́ ọn, kí a sì to wọ́n pẹ̀lú nọ́ńbà sísàlẹ̀ lẹ́tà. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni yóò parí.

Ọmọ mi to méje: ìtàn iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìwé ọjọ́ ìbí, ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti wáẹ́ẹ̀kì, ti OND, ìwé pé ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè ni, ìkeje ni lẹ́tà ìwà rere láti ọwọ́ wòlíì wa. Ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà sára fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí.

"Ó dára. Ṣùgbọ́n o kàn já lu ọ̀gá ni, o ní kó fún ọ níṣẹ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọ ilé àgbà nìyẹn?"

"Bàbá, mo kọ 'Sà' síbẹ̀."

"'Sà' nìkan! Ṣé o bú u tẹ́lẹ̀ ni?"

Túnráyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó lọ tajà. Kò mọ̀ pé bàbá òun ti ń wo ìka òun lórí kọ̀ǹpútà náà tipẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà wọlé sínú ímeèlì ọmọ rẹ̀, ó kọ orúkọ iṣẹ́ sí àkọlé bí ìkéde ṣe wí, ó wá fi gbogbo lẹ́tà náà kí wọn. Ó kí wọn kú iṣẹ́ ìlú. Ó béèrè àlàáfíà ìdílé wọn. Ó gbàdúrà fún ọ́fíìsì náà. Ó fi orúkọ Túnráyọ̀ sísàlẹ̀, ó ní ìbéèrè ń bọ̀ lọ́la. Ó tẹ̀ ẹ́.

Kí ó tó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, èsì ti dé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pè mí láti ilé ìdáná. "Ìyá Túnráyọ̀, wá wo àwọn ọmọlúàbí! Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n mí!"

Túnráyọ̀ wọlé, ó kà á fún wa. A ti gba ìwé ìwáṣẹ́ yín. Ẹ má fèsì sí lẹ́tà yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀wé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àkọ́kọ́ la ó gbé yẹ̀ wò.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, ìkíni ni mo fi wá iṣẹ́. Kò sí ìwé kankan lára rẹ̀."

Àgbà náà wò ó. "Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn?"

"Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ wá ní kí n má dá òun lóhùn." Ó jókòó. "Ta ló tọ́ ẹ̀rọ yìí dàgbà?"

A pe Olúbáyọ̀ lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó tọrọ àforíjì, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní èèyàn ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà: kí a fi èyí tó pé ránṣẹ́ kí ilẹ̀kùn tó tì, kí a kọ gbólóhùn kan sókè pé àṣìṣe ni àkọ́kọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ lo èyí. Bóyá wọn yóò gbà. Túnráyọ̀ kọ ọ́, ó so méjèèje mọ́ ọn, ó ku kó tẹ̀ ẹ́.

"Gbólóhùn kan?" ni bàbá rẹ̀ wí. "A ṣẹ èèyàn, a fi gbólóhùn kan bẹ̀ ẹ́? Bóyá ohun tí wọn ó tìtorí ẹ̀ kọ̀ wá nìyẹn. Fún mi láyè."

Ó gba àyè. Gbólóhùn kan di ìpínrọ̀ kan, ìpínrọ̀ di ojú ewé. Ní Ọjọ́bọ̀, Túnráyọ̀ ń bẹ̀ ẹ́, èmi ń bú u, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ kan tó tóbi ju "jọ̀ọ́" lọ. Ibẹ̀ ni mo fi í sí tí mo lọ yí kòkó.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, ilé kún. Mo ní kí Túnráyọ̀ gbé kọ̀ǹpútà náà wọ yàrá, kó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e, kò dé yàrá. Ìdílé Àkàndé wọlé, Túnráyọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹgbẹ́ Aládùúrà wọlé, ó kúnlẹ̀. Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Gbogbo àwọn tí ọkọ mi bá kọ̀wé rí wá láti Òwénà àti Àkúrẹ́, wọ́n wọ aṣọ ọ́fíìsì. Èèyàn kì í kẹ̀yìn sí ẹni tó wá kí i. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn kí wa tán, ilẹ̀ ti ṣú.

Lẹ́tà náà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà Túnráyọ̀, pẹ̀lú ìwé méje tí a fi nọ́ńbà sí. Àforíjì bàbá rẹ̀ wà lókè, kò parí. Kò tíì lọ.