Jẹnẹrétọ̀ Mẹ́rin Nínú Ìdánwò Físíìsì

Kòfowórọlá Olúsànyà kò ga, kò sanra, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a jiyàn, ẹ kọ́kọ́ jẹun yó. Bàọ́lọ́jì ni èmi ń kọ́ ní ilé-ìwé aládàáni wa ní Mowe, òun ń kọ́ Físíìsì, ó sì ti di ọdún mẹ́fà tí àga mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ní yàrá àwọn tíṣà. Àwọn ọmọ ń pè é ní Máàmù Kòfo. Àwọn tíṣà kan ń pè é ní alágídí, ṣùgbọ́n wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.

Ibafo ló ń gbé báyìí, ṣùgbọ́n Ifo ni wọ́n bí i sí. Baba rẹ̀ fi ọgbọ̀n ọdún lọ ata àti ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́ta ló sì máa ń ké lé e lórí pọ̀. Kí baba náà tó pé ọgọ́ta ọdún, etí ọ̀tún rẹ̀ ti di. Kòfowórọlá sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kékeré, òun bi baba òun bóyá ariwo ẹ̀rọ mẹ́ta tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹ̀rọ kan. Baba náà ní, “Kò jọ bẹ́ẹ̀ létí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pa etí.” Ó ní ọjọ́ náà ni òun ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ yẹn kiri, títí tóun fi bá a nínú ìwé Físíìsì.

Ní ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ Hameedah ṣẹlẹ̀. Ilé-ìwé mẹ́ta ló máa ń ṣe ìdánwò ìgbáradì pọ̀: tiwa ní Mowe, ọ̀kan ní Ibafo, ọ̀kan ní Ifo. Ọ̀gá Ládélé, olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì wa, ni alága ìgbìmọ̀. Òun ló kọ ìbéèrè Físíìsì, òun ló kọ ìwé ìdáhùn, òun ló sì máàkì gbogbo ìwé, kí tíṣà kankan má baà máàkì ọmọ ara rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà. Ẹ rántí ìyẹn, nítorí ojú ṣì ń tì mí.

Ìbéèrè keje lọ báyìí: ẹni tó dúró ní mítà márùn-ún sí jẹnẹrétọ̀ kan ń gbọ́ ariwo tó jẹ́ 80 lórí òṣùwọ̀n dẹ́síbẹ́lì. Apá kìíní: mélòó ni yóò jẹ́ ní mítà mẹ́wàá? Apá kejì: bí irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ mẹ́rin bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lójú kan náà, mélòó ni yóò jẹ́ ní mítà mẹ́wàá yẹn?

Hameedah, ọmọ ọlọ́gbọ́n kan tí ìyá rẹ̀ ń ta táyà létí ọ̀nà, kọ 74 sí apá kìíní, ó kọ 80 sí apá kejì. Nínú ìwé ìdáhùn Ọ̀gá Ládélé, apá kìíní jẹ́ 20, apá kejì jẹ́ 80. Ọ̀gá wo ìwé ọmọ náà títí, ó ní, “Apá kìíní ò já mọ́ nǹkan kan. Báwo ló ṣe wá rí 80 ní apá kejì? Ọmọ yìí ti rí ìwé ìdáhùn.” Ó ní kí n kọ ẹ̀sùn jíjí ìdánwò wò sílẹ̀. Mo kọ ọ́, mo sì buwọ́ lù ú. N kò bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Òfin ilé-ìwé ni pé ẹni tó bá jí ìdánwò wò, a ò ní forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá. Ọjọ́ Ẹtì sì ni orúkọ máa lọ.

Ọjọ́rú ni wọ́n pe Hameedah sí ọ́fíìsì Ìyáàfin Ọláwùnmí, ọ̀gá ilé-ìwé wa. Ọ̀gá Ládélé àti èmi wà níbẹ̀. Ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí Kòfowórọlá wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

“Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà. Hameedah, dìde.”

“Mi ò tíì ní kó dìde,” Ọ̀gá Ládélé fèsì.

“Mo mọ̀ sà. Èmi ni mo ní kó dìde.”

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Kòfowórọlá gba ìwé ọmọ náà, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó gba ìwé ìdáhùn, ó tún kà á. Ó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dára.

“Ọ̀gá, ẹ ti pín dẹ́síbẹ́lì sí mẹ́rin.”

“Òfin ni. Bí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ohùn á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọgọ́rin sí mẹ́rin, ogún. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin, ogún lọ́nà mẹ́rin, ọgọ́rin. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kọ́ ọ.”

“Agbára ohùn ló ń di ìdá kan nínú mẹ́rin sà, ìyẹn èyí tó ń já lé mítà onígun mẹ́rin kan. Dẹ́síbẹ́lì kọ́. Dẹ́síbẹ́lì kì í ṣe gaàrí tí a ń fi kóńgò wọ̀n. Bí agbára bá di ìlọ́po mẹ́wàá, mẹ́wàá péré là ń fi kún dẹ́síbẹ́lì. Bó bá di ìlọ́po méjì, mẹ́ta là ń fi kún un. Ìlọ́po mẹ́rin, mẹ́fà. Bó bá sì wálẹ̀ sí ìdá mẹ́rin, a yọ mẹ́fà. Ọgọ́rin, yọ mẹ́fà: 74. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin gbé agbára náà padà sókè ní ìlọ́po mẹ́rin, ó fi mẹ́fà kún un: 80. Ohun tọ́mọ yìí kọ nìyẹn.”

“Mẹ́fà wo? Ó ti mọ̀ pé 80 ni, ló bá wá mẹ́fà fi dí i!”

“Ẹ̀yin lẹ ṣèèṣì bá a pàdé níbẹ̀, sà. Ẹ pín sí mẹ́rin nítorí jíjìnnà, ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin nítorí jẹnẹrétọ̀. Ìkíní pa ìkejì rẹ́. Ká ní jẹnẹrétọ̀ méjì lẹ kọ, ẹ̀yin ìbá rí 40, àwa ìbá rí 77.”

Ìyáàfin Ọláwùnmí ní kí wọ́n má pariwo. Ó ní òun ò mọ Físíìsì, Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn Kristẹni lòun kà ní yunifásítì. Kòfowórọlá ní, “Kò sóhun tí ẹ ní láti mọ̀ mà. Ẹ ní etí.”

Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti lọ yá jẹnẹrétọ̀ kékeré mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù iwájú ilé-ìwé, irú kan náà, bí ọmọ ìyá. Pápá bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn, níbi tí ariwo ọ̀nà márosẹ̀ ò ti fi bẹ́ẹ̀ dé, ló kó wọn sí. Ó fi tépù wọn mítà márùn-ún àti mẹ́wàá, ó fi ẹfun sàmì sí i. Ó ní ápù kan lórí fóònù rẹ̀ tó máa ń wọn ariwo.

Wọ́n tan ọ̀kan. Ní mítà márùn-ún, fóònù ní 78. “Ọ̀gá, gẹ́gẹ́ bí ìwé yín, mélòó ni a máa rí ní mítà mẹ́wàá?”

“Mọ́kàndínlógún ààbọ̀,” ni Ọ̀gá Ládélé wí. Kò fẹ́ sọ ọ́.

“Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú mọ́sálásí tó ọgbọ̀n. Ẹ jẹ́ ká rìn lọ síbi tí jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́ ju wúyẹ́wúyẹ́ lọ.”

Gbogbo wa rìn dé ojú àmì kejì. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń ké ní etí wa débi pé Ìyáàfin Ọláwùnmí ní láti pariwo kó tó lè sọ pé òun ń gbọ́ ọ. Fóònù ní 73. Kòfowórọlá ní 72 lòun retí, pé ilẹ̀ ló dá ariwo díẹ̀ padà. Wọ́n tan ìkejì: 76. Wọ́n tan gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 79.

“Fóònù lè purọ́,” ni Ọ̀gá Ládélé wí.

“Ó lè purọ́ ẹyọ kan tàbí méjì sà. Kò lè purọ́ àádọ́ta.”

Ọ̀gá wá yíjú sí Hameedah. Ó ní tó bá mọ̀ ọ́n lóòótọ́, kó sọ iye tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta máa jẹ́ ní mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sórí koríko, ó fi ìka kọ ọ́ sórí erùpẹ̀. Jíjìnnà di ìlọ́po mẹ́ta, agbára di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta sọ ọ́ di mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdá mẹ́ta ń yọ nǹkan bíi márùn-ún kúrò.

“Mẹ́tàléláàádọ́rin, sà.”

Wọ́n pa ọ̀kan, wọ́n wọn mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fóònù ní 74. Ọ̀gá Ládélé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

Ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ parí. Ìyáàfin Ọláwùnmí ní òun máa dá orúkọ ọmọ náà padà, ṣùgbọ́n kí ó kọ lẹ́tà àforíjì kékeré kan, kí wọ́n lè pa fáìlì náà dé, kí ojú má baà ti àgbà. Mo wo Kòfowórọlá, mo rò pé yóò bú gbàù. Hameedah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Mi ò ní kọ ọ́. Mi ò jí nǹkan kan wò.”

Ẹnu mi ni mo gbọ́ tó ń sọ pé kí Ìyáàfin fún mi ní ìwé ẹ̀sùn tí mo buwọ́ lù, tó wà nínú fáìlì ọwọ́ rẹ̀. Mo fà á ya níbẹ̀. Ìgboyà kékeré ni, ó sì pẹ́ kó tó dé, mo mọ̀. Ìyáàfin Ọláwùnmí wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó sì kọ orúkọ Hameedah sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀.

“Ó ku àwọn yòókù,” Kòfowórọlá ní. “Ìwé mẹ́tàlélọ́gọ́fà láti ìlú mẹ́ta ni wọ́n fi ogún máàkì. Mi ò kúrò níbí títí a ó fi tún wọn máàkì.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó ní Ọjọ́bọ̀, òun, èmi, àti Ọ̀gá Ládélé, tó mú báírò pupa tirẹ̀ wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. A rí ọmọ mẹ́rin mìíràn tó kọ 74 láìdé apá kejì, méjì ní Ifo, méjì ní Ibafo. Òdo ni wọ́n gbà. Ọ̀gá ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún máàkì wọn ṣe, kò sì ráhùn.

Ó wá dá ìwé kan dúró lọ́wọ́. Ti Jésùlayọ̀mi ni, ọmọ tó dákẹ́ jùlọ ní kíláàsì Hameedah. Ọmọ náà ti kọ 74 ní apá kìíní, pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó wá fi ìlà kan pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó kọ 20 sábẹ́ rẹ̀. Ó gba máàkì kíkún.

Kòfowórọlá ránṣẹ́ pè é, ó bi í léèrè ìdí tó fi pa á rẹ́. Ọmọ náà wo ilẹ̀.

“Bí Ọ̀gá Ládélé ṣe kọ́ wa tẹ́lẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́, mà. Mo mọ̀ pé àwọn ló máa máàkì ẹ̀.”

Ọ̀gá Ládélé gbé ìwé náà sórí tábìlì, kò sì lè gbé ojú sókè wo ọmọ náà.