Ohùn Pẹ̀lẹ́ Tí Mo Fi Sin Owó Léèsì

Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi. Wọ́n á di aṣọ lérù kúrò n'Íléṣà, wọ́n á tà á láwìn kiri ìlú onílùú. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní dìde àfi tí owó bá jáde. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán l'Óṣogbo, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi. "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, má wá lóṣòó sílé wa o!" Mo wá bá ara mi ṣèpinnu pé bí mo bá di ọ̀gá, ohùn pẹ̀lẹ́ ni n ó máa fi bèèrè owó mi. Ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ pé mo dójú ti òun.

Hùn. Ẹ jẹ́ n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi n'Íléṣà, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Kò sówó, kò sáṣọ." Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé irọ́ ni. Màmá kan wà tó ń ta obì, opó ni wọ́n, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Nígbà tí àwọn àna wọn ń bọ̀ láti Òṣogbo wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ọ́, Màmá gbé léèsì aláwọ̀ àgbálùmọ̀ wá pé kí n rán ìró àti bùbá fún àwọn. Wọ́n san àsansílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wá gbaṣọ, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n tú ìdí ìró, owó ò pé. Ìnáwó ọmọ ti gbé e lọ. Ṣé kí n wá ní kí ìyá ìyàwó wọ aṣọ àtijọ́ pàdé àna? Mo kó aṣọ lé wọn lọ́wọ́. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà. Wọ́n ní táwọn bá ti ta obì, àwọn á gbé e wá, mo sì gbà wọ́n gbọ́, torí wọn kì í parọ́.

Wọ́n ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ọ́, ó lọ tán. Mi ò bi wọ́n léèrè owó. Ìgbà tó yá ni iná mànàmáná wá pẹ̀lú agbára, ó sì jó mọ́tò ẹ̀rọ tí mo fi ń wífù etí aṣọ kó má baà tú. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé kan wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ kó fún wọn kí wọ́n tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbé e fún télọ̀ mìíràn. Ẹni tó tún mọ́tò náà ṣe ní òun ò ní yọ̀ǹda rẹ̀ láìgbowó. Kò jẹ̀bi. Ta ni mo fẹ́ bú?

Mo ronú kan Màmá olóbì. Mo lè lọ sílé wọn, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò á rí mi, wọ́n á ní ọmọ òṣómàáló ti dé. Bí mo bá sì kọ ọ́ ránṣẹ́, Màmá ò mọ̀wé kà, wọ́n á gbé fóònù fún ẹlòmíràn kó kà á. Mo bá gba ohùn mi sílẹ̀ lórí fóònù, mo fi fóísì ránṣẹ́. Mo rò pé mo gbọ́n.

Mo ní: "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá mi àtàtà. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìyàwó wa. Ọlọ́run á jẹ́ ká fọwọ́ gba ọmọ-ọmọ lágbára Rẹ̀. Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ tó kù lórí léèsì aláwọ̀ àgbálùmọ̀ yẹn ni mo fi ń rán yín létí jẹ́jẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ ò bá tíì sí, ẹ fi èyí tó bá wà ránṣẹ́." Mo ka nọ́ńbà àkáǹtì mi tẹ̀ lé e, mo tún ṣàdúrà parí rẹ̀. Mo tẹ́tí sí i lẹ́yìn tí mo fi ránṣẹ́ tán, inú mi sì dùn sí bó ṣe tutù tó.

Kò pẹ́ rárá tí álàátì fi wọlé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ géérégé! Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ò yé mi, mo ní bóyá ẹni tó bá wọn fi ránṣẹ́ ni. Mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi nìkan, mo sáré lọ gba mọ́tò mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá dé. Mo fún wọn ní àga, wọn ò jókòó.

"Fóísì rẹ dé ọwọ́ mi," ni wọ́n wí. "Ìyá ọkọ ọmọ mi àti àbúrò wọn ló wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n wá bá wa mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tí mo gbọ́ àdúrà, mo ní, 'Ẹ gbọ́ télọ̀ mi, ẹ gbọ́ bó ṣe mọ àdúrà í ṣe.' Mo gbé ohùn rẹ̀ sókè fún wọn."

Mo gbé aṣọ tí mo ń rán sílẹ̀.

"Léèsì yẹn náà ló wà lọ́rùn mi."

Yéè! Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọlé. Èmi tí mo pe àwọ̀ aṣọ náà, tí mo pe iye tó kù, tí mo ka nọ́ńbà àkáǹtì bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì! Kò sí ojú kan nínú pálọ̀ yẹn tí kò ní wo aṣọ tó wà lára wọn. Bàbá àgbà mi lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ni. Èmi wọ ilé, mo sì lóṣòó sáàárín àwọn àna.

"Ìyá ọkọ yọ fóònù, wọ́n bá mi san án, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín," ni Màmá wí. "Wọn ò tíì sanwó orí ọmọ mi, wọ́n ti ń sanwó aṣọ tó bo ìdí mi. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé láàárín àwọn àti ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọn ó fi bú u. Dá owó wọn padà. Èmi ni mo jẹ ọ́."

Èmi obìnrin, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo ní, "Màmá, mo ti ná an."

Wọ́n ń wo mọ́tò tí mo fi owó náà gbà lórí ẹ̀rọ mi. Mo gba ṣọ́ọ̀bù alájọ mi lọ, mo yá owó, mo sì fi ránṣẹ́ padà sí orúkọ inú álàátì yẹn lójú wọn. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi fi tèmi ránṣẹ́ ni, n ò tiẹ̀ jẹ́ kó já bọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí Màmá bá ti ta obì, wọ́n á yà, wọ́n á fún mi ní díẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, mo ti fi jì wọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé kó tún di oore?" Ìta ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á sì bèèrè sókè kí gbogbo ojúlé gbọ́: "Ó ku èló?"

Ọjọ́ tí owó náà tán, wọ́n wọlé. Wọ́n na fóònù wọn sí mi.

"Sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Sọ pé mi ò jẹ ọ́ mọ́. Ìyá ọkọ ni n ó fi ránṣẹ́ sí."

Mo sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kò tó nǹkan. Màmá tẹ̀ ẹ́, wọ́n fetí sí i lójú àwọn oníbàárà mi, wọ́n mi orí.

"Rárá. Kò dùn tó ti ìjọ́sí. Àdúrà lo fi ṣáájú ti ìjọ́sí. Sọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́ nígbà yẹn."

Mo tún bẹ̀rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o..." Nígbà tí mo dé ibi ọmọ-ọmọ, ẹkún gba ohùn lẹ́nu mi. Màmá ò gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n dúró tì mí títí mo fi sọ ọ́ tán.