Yàrá Tí Wòlíì Kò Wọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ́ ilé sí ẹ̀yìn àdúgbò Adégbayì. Kí wọ́n tó kó wọlé, wọ́n pe wòlíì ìjọ wọn pé kó wá yà á sí mímọ́. Ìyá wa wá láti oko láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màmá ló ni yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹnu ara wọn sọ bẹ́ẹ̀ látìgbà tí ilé ṣì wà ní ìpìlẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà la ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ka Orin Dáfídì, wòlíì fi òróró ṣe àmì àgbélébùú sára ilẹ̀kùn, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ara wọn ṣí i. Ọkùnrin kan ń lu agogo níwájú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí, èmi di àbẹ́là mú. Ní pálọ̀, wòlíì wọ́n omi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní àlejò kankan kò ní gbé ìbànújẹ́ wọbẹ̀. Ní yàrá tọkọtaya, ó gbàdúrà ìfẹ́. Ní ilé ìdáná, ó bu iyọ̀ sílẹ̀, ó ní ìkòkò kò ní ṣófo. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá gba tirẹ̀: ohun tí a bá jẹ kò ní dàìsàn. Mò ń ṣe àmín tọkàntọkàn.

Nígbà tí a dé yàrá ẹ̀yìn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mirí.

"Ẹ̀mí kò jẹ́ kí n wọbí. Mo rí ìyá àgbà kan. Bó bá fi lè sùn síbí, ayọ̀ ilé yìí máa gbẹ."

Agogo dákẹ́. Mo wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Kò yà á lẹ́nu rárá. Òun náà ló ti ń sọ kiri pé yàrá yẹn ì bá dáa fún ẹ̀rọ ìránṣọ òun. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní fèsì?"

"Ẹ jẹ́ ká parí àdúrà ná," ni wọ́n wí, tí wọ́n ń wolẹ̀.

Màmá bọ́ bàtà. Wọ́n gba abọ́ lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ wọn, wọ́n wọnú yàrá náà lọ, wọ́n ń wọ́n omi.

"Olúwa, ẹni yòówù kó sùn síbí, kó máa jí ire. Ọmọ mi kò ní fi ilé yìí sunkún."

Àmín tèmi nìkan ló dún.

Nígbà tí àdúrà parí, wòlíì jókòó ti ìrẹsì, epo ń dán létè rẹ̀, ó tún ń bèèrè ẹran. N kò lè wò ó. Mo sin Màmá lọ wọkọ̀.

"Ṣé ẹ ò bínú ni?"

"Mo bínú. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ló máa gbébẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi padà wá bẹ Màmá lóko. Màmá gbà, wọ́n gúnyán fún ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n Màmá kò sùn sílé náà títí dòní. Èmi máa ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi nílé náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò kì í jẹun níbẹ̀.